Ìlà ọjọ́ ìparí àti ìlà òní: bí a ṣe ń ka àwòrán ọ́pṣọ̀n láì ṣi èrè wò

Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ra ọ́pṣọ̀n, ìyẹn ẹ̀tọ́ láti ra ìpín ilé-iṣẹ́ tàbí láti tà á ní iye kan títí di ọjọ́ kan, yóò ṣí àwòrán èrè-àti-òfò lórí fóònù rẹ̀, yóò sì rí ìlà méjì. Ọ̀kan gún, ó kàn ṣẹ́ ní ibì kan. Èkejì tẹ̀, ó ń gòkè díẹ̀díẹ̀. Ohun tí mo ń rí lọ́dọ̀ àwọn ará wa ní Àjàṣẹ́, ní Kétu àti ní Ṣábẹ̀ẹ́ ni pé wọ́n máa ń mú ìbéèrè tó jẹ́ ti ìlà kan lọ bi ìlà kejì. Wọn yóò rí èrè lórí ìlà òní, wọn yóò jókòó tì í bí ẹni pé owó náà ti wọ àpò. Tàbí kí wọ́n rí òfò lórí ìlà ọjọ́ ìparí, kí wọ́n sáré tà nígbà tí kò tíì yẹ.

Ọ́pṣọ̀n kan ṣoṣo la ó lò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìpín àti bọ́ǹdì ni à ń rà ní BRVM, ọjà ìpín wa tó wà ní Àbíjáàn. Ti ọjà Amẹ́ríkà ni ọ́pṣọ̀n tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń bi mí ní ìbéèrè ń rà, nítorí náà dọ́là la ó fi ṣírò.

Ohun tí ẹ gbọ́dọ̀ ní lọ́wọ́

Ẹ mú ìwé kan àti bírò. Áàpù ń ya gbogbo rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá tíì fi ọwọ́ ara rẹ̀ ya ìlà ọjọ́ ìparí rí kì í mọ̀ bí áàpù bá lo iye tí kì í ṣe tirẹ̀. Ẹ kọ nǹkan wọ̀nyí sílẹ̀ kí ẹ tó wo ìlà kankan:

- Irú ọ́pṣọ̀n tí ẹ rà. Tiwa jẹ́ kọ́ọ̀lù, ìyẹn ẹ̀tọ́ láti ra ìpín ní iye tí a ti fẹnu kò sí.
- Iye àdéhùn: dọ́là 50.
- Ọjọ́ ìparí: ó ku ọjọ́ 60.
- Owó tí ẹ san: dọ́là 2.42 lórí ìpín kọ̀ọ̀kan. Ìwé àdéhùn kan lórí ìpín Amẹ́ríkà sábà máa ń jẹ́ ti ìpín 100, nítorí náà dọ́là 242 ló jáde lápò.
- Iye tí ìpín náà ń lọ lónìí: dọ́là 50.
- Nọ́ńbà tí áàpù ń pè ní `IV`: 30%. Ó ń sọ bí àwọn oníṣòwò ṣe rò pé iye ìpín náà yóò máa fò sókè fò sódò tó. A ó padà sí i ní ìpele kẹfà.

Kí ìṣirò má bàa wọ́ra, mo yọ èlé orí owó àti owó èrè tí ilé-iṣẹ́ ń pín kúrò. Ìyàtọ̀ tí wọn yóò mú wá fún ọjọ́ 60 kò pọ̀.

Ìpele 1: Ẹ ka ìsàlẹ̀ àwòrán àti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀

Ìlà tó dùbúlẹ̀ ní ìsàlẹ̀ ń ka iye ìpín, láti kékeré lápá òsì sí ńlá lápá ọ̀tún. Èyí tó dúró ní ẹ̀gbẹ́ ń ka èrè tàbí òfò. `P/L` ni wọ́n sábà máa ń kọ sí i. Ní àárín, ìlà òdo wà: òkè rẹ̀ jẹ́ èrè, ìsàlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ òfò.

Ibí ni àṣìṣe àkọ́kọ́ ti ń ṣẹlẹ̀. Àwòrán iye ìpín tí gbogbo wa mọ̀ máa ń ka ọjọ́ ní ìsàlẹ̀, nítorí náà ojú wa ti mọ́ ọn pé apá ọ̀tún ni ọjọ́ iwájú. Bí ẹni tuntun bá rí ìlà tó ń gòkè lọ sápá ọ̀tún, á rò pé bí ọjọ́ bá ṣe ń lọ ni èrè òun yóò ṣe máa pọ̀ sí i. Kò sí ọjọ́ kankan ní ìsàlẹ̀ àwòrán yìí. Ìlà kọ̀ọ̀kan ni ó ní ọjọ́ tirẹ̀: èyí tó ṣẹ́ jẹ́ ti ọjọ́ ìparí nìkan (`At expiration`), èyí tó tẹ̀ jẹ́ ti òní nìkan (`Today` tàbí `T+0`).

Ẹ tún wò ó bóyá ẹ̀gbẹ́ ń ka owó ìpín kan tàbí ti ìwé àdéhùn odindi. Òfò 2.42 àti òfò 242 jọra lójú àwòrán, wọn kò jọra lápò. Dọ́là ni gbogbo rẹ̀ sì jẹ́. Yúrò ni wọ́n so sẹ́fà wa mọ́, ní 655.957 fún yúrò kan. Dọ́là ń lọ sókè sódò sí i. Bí ẹ bá fẹ́ mọ èrè yín ní sẹ́fà, ẹ ṣírò rẹ̀ lọ́tọ̀, àwòrán kò ní í sọ ọ́ fún yín.

*Àyẹ̀wò:* ẹ fi ìka lé 55 ní ìsàlẹ̀. Bí ẹ bá lè sọ pé “bí ìpín bá wà ní dọ́là 55” láìdárúkọ ọjọ́, ìpele yìí ti tán.

Ìpele 2: Ẹ fi ọwọ́ ya ìlà ọjọ́ ìparí

Ìlà yìí ni ó rọrùn jù, nítorí kò sí àfojúdá kankan nínú rẹ̀. Bí ọjọ́ bá pé, kọ́ọ̀lù yín kò ní iye mìíràn ju ohun tí ìpín fi lé ní 50 lọ. Bí ìpín kò bá lé ní 50, ẹ̀tọ́ láti rà á ní 50 kò wúlò fún ẹnikẹ́ni.

```
P/L = (max(S - K, 0) - C) * 100
```

`S` ni iye ìpín ní ọjọ́ ìparí, `K` ni iye àdéhùn, `C` ni owó tí ẹ san, `max` sì ń mú èyí tó pọ̀ jù nínú nọ́ńbà méjèèjì. Ẹ fi tiwa sí i. Bí ìpín bá wà ní 45 tàbí ní 50, òfò jẹ́ 242, kò sì lè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 55, èrè jẹ́ 258. Ní 60, ó jẹ́ 758. Ẹ so àwọn ojú wọ̀nyí pọ̀: ìlà yóò dùbúlẹ̀ ní òfò 242 títí dé 50, lẹ́yìn náà yóò gbéra gan-an-ran lọ sókè.

Ẹ má ṣe da ibi tí ìlà ti ṣẹ́ pọ̀ mọ́ ibi tí ojú owó ti pé. Ó ṣẹ́ ní 50, ṣùgbọ́n 52.42 ni ó tó kan ìlà òdo, nítorí ìpín gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dá owó tí ẹ san padà. Láàárín 50 sí 52.42, ọ́pṣọ̀n yín ní owó nínú, síbẹ̀ òfò ni ẹ wà. Mo ti rí àwọn tó rí i pé ìpín ti kọjá 50 tí wọ́n ní àwọn ti jẹ.

*Àyẹ̀wò:* ẹ gbé ìwé yín sí ẹ̀gbẹ́ fóònù. Ibi tí ìlà ti ṣẹ́ àti ibi tó ti kan òdo gbọ́dọ̀ bára mu. Bí ìlà ti fóònù bá kan òdo ní ibòmíràn, ó ṣeé ṣe kí áàpù lo iye tí ọ́pṣọ̀n ń lọ lọ́jà báyìí dípò iye tí ẹ fi rà á. Ẹ wá ibi tí wọ́n ti ń tún un ṣe, kí ẹ sì fi 2.42 síbẹ̀.

Ìpele 3: Ẹ wá ìlà òní, kí ẹ sì mọ ibi tó ti ń kan òdo

Ìlà òní ń dáhùn ìbéèrè kan péré: bí ìpín bá fò lọ sí iye kan *nísinsìnyí*, tí ẹ sì ta ọ́pṣọ̀n yín lójú ẹsẹ̀, èló ni ẹ ó jẹ tàbí pàdánù? Nítorí náà, lọ́jọ́ tí ẹ rà á, ó gbọ́dọ̀ kan òdo ní iye tí ìpín ń lọ, ìyẹn 50. Ẹ san 2.42, ẹ lè tà á ní 2.42, kò sí èrè, kò sí òfò.

Lọ́jà gidi, kì í pé bẹ́ẹ̀. Iye tí àwọn olùtà ń bèèrè máa ń ga díẹ̀ ju iye tí àwọn olùrà fẹ́ san, áàpù sì sábà máa ń fi àárín méjèèjì ṣírò. Bí ẹ bá ra ọ́pṣọ̀n ní iye tí olùtà pè é, ìlà òní yóò fi òfò kékeré hàn yín lójú ẹsẹ̀. Bí òfò náà bá tóbi sí owó tí ẹ san, ọjà ọ́pṣọ̀n yẹn kò fẹ̀. Kò ní í rọrùn láti jáde nínú rẹ̀ ní iye tí àwòrán ń sọ.

Ìlà ọjọ́ ìparí jẹ́ òtítọ́ àdéhùn. Ìlà òní jẹ́ ìṣirò. Áàpù ń fi àgbékalẹ̀ bíi èyí tí Fischer Black àti Myron Scholes tẹ̀ jáde ní 1973 ṣírò rẹ̀, ó sì ń gbà pé `IV` kò ní í yí padà.

*Àyẹ̀wò:* ní 50, ìlà òní wà ní òdo tàbí díẹ̀ sísàlẹ̀ rẹ̀, ìlà ọjọ́ ìparí sì wà ní òfò 242, gan-an ní abẹ́ rẹ̀.

Ìpele 4: Ẹ wọn àlàfo tó wà láàárín ìlà méjèèjì

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan ní Àjàṣẹ́ ra irú kọ́ọ̀lù yìí gan-an, ó sì pè mí.

“Bọ̀ọ̀dá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìpín ti kúrò ní 50, ó ti dé 52. Ìlà kan ní mo jèrè, ìkejì ní mo wà nínú òfò. Èwo ni kí n gbà gbọ́?”

“Méjèèjì. Kí ni ìlà òní sọ ní 52?”

“Èrè 118.”

“Ìlà ọjọ́ ìparí ńkọ́?”

“Òfò 42.”

Ẹ jẹ́ ká tú u wò. Ní 52 lónìí, ọ́pṣọ̀n náà ń lọ ní 3.60. Dọ́là 2 nínú rẹ̀ jẹ́ owó inú: ìpín fi 2 lé ní iye àdéhùn. Èyí tó kù, 1.60, ni owó àkókò. Ẹni tó bá ra ọ́pṣọ̀n náà lọ́wọ́ yín lónìí ń san 1.60 yẹn fún ọjọ́ 60 tó ṣì wà níwájú, nínú èyí tí ìpín lè tún gòkè. Ní ọjọ́ ìparí, kò sí ọjọ́ kankan tó kù fún un láti rà. Owó inú nìkan ni yóò kù, dọ́là 2, ẹ sì ti san 2.42. Ìyàtọ̀ láàárín èrè 118 àti òfò 42 jẹ́ 160: owó àkókò náà gan-an ni, fún ìpín 100.

Ẹ wo oníṣòwò kan ní ọjà Kétu tó san àsansílẹ̀ kí àgbẹ̀ lè ta àgbàdo fún un ní iye kan títí oṣù méjì. Bí àgbàdo bá wọ́n díẹ̀ lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, oníṣòwò mìíràn lè fẹ́ gba àdéhùn yẹn lọ́wọ́ rẹ̀ ní iye tó ju àǹfààní ọjọ́ yẹn lọ, nítorí oṣù méjì ṣì ṣẹ́kù tí àgbàdo lè fi wọ́n sí i. Bí ó bá ku ọ̀la kí àdéhùn parí, kò sí ẹni tí yóò san kọ́bọ̀ lé àǹfààní ojú ẹsẹ̀.

Àlàfo yìí kò dọ́gba káàkiri àwòrán, ó sì yẹ kí ẹ fi ojú ara yín rí i. Ní 45, ìlà òní ní òfò 180, tìparí ní 242: àlàfo 62. Ní 50, àlàfo jẹ́ odindi 242. Ní 55, òní ní èrè 337, ìparí ní 258: àlàfo 79. Ní 60, ó ti dín kù sí 19. Nítòsí iye àdéhùn ni ó ti fẹ̀ jù, nítorí ibẹ̀ ni kò ti sí ẹni tó lè sọ bóyá ọ́pṣọ̀n yóò parí pẹ̀lú owó nínú tàbí lófìfo. Bí ẹ bá ti jìnnà sí i sápá méjèèjì, ọ̀rọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ yanjú, ìlà méjèèjì á sì súnmọ́ ara wọn.

*Àyẹ̀wò:* ẹ mú iye ìpín kan, kí ẹ ka èrè tàbí òfò lórí ìlà méjèèjì, kí ẹ yọ ọ̀kan lára èkejì, kí ẹ pín in sí 100. Ẹ wo iye tí ọ́pṣọ̀n ń lọ ní ojú kan náà, kí ẹ yọ owó inú kúrò nínú rẹ̀. Nọ́ńbà méjèèjì gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀kan náà. Bí ìlà òní bá wà *nísàlẹ̀* ìlà ọjọ́ ìparí fún kọ́ọ̀lù tí ẹ rà tí ìpín rẹ̀ kò pín owó èrè, nǹkan kan kò tọ́ nínú ohun tí ẹ tẹ̀ sínú áàpù.

Ìpele 5: Ẹ wọ́ ọjọ́ síwájú, ìpín kò gbọdọ̀ kúrò lójú kan

Ọ̀pọ̀ áàpù ní ibi tí a ti ń wọ́ ọjọ́. Ẹ lò ó. Ẹ tẹjú mọ́ 52 nìkan, kí ẹ máa wọ́ ọ lọ.

Lónìí, pẹ̀lú ọjọ́ 60, èrè 118. Bí ó bá ku ọjọ́ 30, ó di 51. Bí ó bá ku ọjọ́ 10, òfò 11 ni. Ní ọjọ́ ìparí, òfò 42. Ìpín kò yẹsẹ̀ rárá, èrè sì di òfò. Ìlà tó tẹ̀ ń rọ̀ sílẹ̀ lójoojúmọ́ títí yóò fi dùbúlẹ̀ lórí èyí tó ṣẹ́.

Kì í rọ̀ ní ìwọ̀n kan náà. Ẹ tún un ṣe ní 50. Ọgbọ̀n ọjọ́ àkọ́kọ́ ń jẹ dọ́là 70 nínú 242. Ọgbọ̀n ọjọ́ kejì ń jẹ 172, ọjọ́ mẹ́wàá tó kẹ́yìn nìkan sì ń jẹ 99 nínú rẹ̀. Ẹni tó bá pín owó àkókò sí ọgọ́ta ọ̀nà tó dọ́gba yóò rò pé òun ṣì ní àyè, nígbà tí ìparí ti ń sáré bọ̀.

Ibi tí ojú owó ti pé náà ń rìn. Lónìí ó wà ní 50. Bí ó bá ku ọjọ́ 30, ó ti lọ sí nǹkan bíi 51.20. Ní ọjọ́ ìparí, ó dé 52.42. Nọ́ńbà tí áàpù kọ gàdàgbà sókè pé `Break-even` sábà máa ń jẹ́ tìparí nìkan. Kò sọ fún yín ibi tí ẹ lè tà láìpàdánù lọ́sẹ̀ yìí.

*Àyẹ̀wò:* bí ẹ bá wọ́ ọjọ́ dé òpin pátápátá, ìlà kan ṣoṣo ló gbọ́dọ̀ kù lójú yín.

Ìpele 6: Ẹ yí `IV` padà, kí ẹ wo èwo ló mì

Ẹ dá ọjọ́ padà sí òní. Ẹ sọ `IV` kalẹ̀ láti 30% sí 20%. Ìlà ọjọ́ ìparí kò ní í mì rárá, nítorí ní ọjọ́ yẹn kò sí ìrètí mọ́. Ìlà òní ni yóò rọ̀: ní 52, èrè 118 yóò di 42. Ní 50, òdo yóò di òfò 80.

Ibí ni wọ́n ti ń gún àwọn tuntun lọ́kàn jù. Kí ilé-iṣẹ́ tó gbé àbọ̀ èrè oṣù mẹ́ta rẹ̀ jáde, `IV` sábà máa ń ga, nítorí gbogbo ènìyàn mọ̀ pé ìpín lè fò. Lọ́jọ́ kejì àbọ̀, ìrètí ti parí, `IV` á já wálẹ̀. Ìpín lè gòkè kí ọ́pṣọ̀n sì sọ̀ kalẹ̀. Ìlà òní tí ẹ wò lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú àbọ̀ ti gbà pé `IV` yóò dúró. Òun gan-an ni kò ní í dúró. Bí ẹ bá fẹ́ rà ní irú àsìkò bẹ́ẹ̀, ẹ kọ́kọ́ sọ `IV` kalẹ̀ lórí àwòrán sí ibi tó máa ń wà ní ọjọ́ lásán, kí ẹ tó bi ìlà òní ní ìbéèrè kankan.

*Àyẹ̀wò:* bí ìlà ọjọ́ ìparí bá mì nígbà tí ẹ yí `IV` padà, ohun mìíràn ni ẹ fọwọ́ kàn. Ẹ padà sí ìwé yín.

Ìpele 7: Ẹ ya ìlà ọjọ́ tí ẹ̀yin fúnra yín fẹ́ jáde

Nínú ìlà méjèèjì, kò sí èyí tó jẹ́ ti yín ní tààràtà, àyàfi bí ẹ bá fẹ́ tà lónìí tàbí dúró dé òpin. Bí èrò yín bá jẹ́ láti tà lẹ́yìn ọjọ́ 30, ẹ wọ́ ọjọ́ síbẹ̀ kí ẹ fi í sílẹ̀. Ìlà yẹn ni kí ẹ máa ka ìpinnu yín lórí rẹ̀: èrè 51 ní 52, òfò 70 ní 50, bí `IV` kò bá yẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé lọ́jọ́ tí ẹ rà á, kí ojú má bàa yí padà nígbà tí owó bá ti wọ ọ̀rọ̀.

Bí ẹ bá pinnu láti dúró dé ọjọ́ ìparí, ohun kan wà tí àwòrán kò yà. Ní Amẹ́ríkà, bí kọ́ọ̀lù bá parí tí owó inú rẹ̀ tó sẹ́ǹtì kan péré, wọn yóò lò ó fúnra wọn láti ra ìpín fún yín, àyàfi bí ẹ bá ti sọ fún alágbàtà yín pé kí wọ́n má ṣe bẹ́ẹ̀. Fún tiwa, ìyẹn jẹ́ ìpín 100 ní dọ́là 50, dọ́là 5,000. Alágbàtà kan lè ta ọ́pṣọ̀n náà kí ọjọ́ tó parí bí owó yẹn kò bá sí nínú àpò yín, ní iye yòówù tí ọjà bá gbà lásìkò náà. Ẹ béèrè lọ́wọ́ alágbàtà yín èwo ni ìlànà tirẹ̀ àti wákàtí tí ó ń ṣe é, kí ọ̀sẹ̀ ìparí tó wọlé.